Fóònù tó ń tẹ ara ẹ̀: ẹ má tíì ra ojú tuntun

*Bọ̀ọ̀dá ẹnjiníà, ẹ kúuṣẹ́ o. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Samsung mi ti ń tẹ ara ẹ̀, bí mo bá ń lò ó lórí ṣájà lálẹ́ ló máa ń pọ̀ jù, ó ti pe oníbàárà mi láìjẹ́ pé mo pè é. Lẹ́tà p àti l náà kì í gbọ́ mọ́ tí mo bá ń tẹ mẹ́sẹ̀jì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ gáàdì ojú ẹ̀ ni. Ẹni tó ń ṣe fóònù ládùúgbò wa ní Mọdákẹ́kẹ́ ní ojú ẹ̀ ti kú, kí n lọ ra òmíì. Ṣé lóòótọ́ ni?*

Ẹ kúuṣẹ́, àǹtí mi. Ẹ má tíì náwó kankan. Bí mo ṣe ka ohun tẹ́ ẹ kọ, ó jọ pé àìsàn méjì ló wà lára fóònù yẹn, tí kálukú sì ní ìdí tiẹ̀: èyí tó ń tẹ ara ẹ̀ lórí ṣájà, mo fura sí ṣájà, èyí tí p àti l ò gbọ́, mo fura sí gáàdì. Ṣùgbọ́n ìfura ni o, mi ò tíì fojú rí i, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín nílé, ẹ ò nílò irinṣẹ́ kankan.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí fóònù ṣe ń mọ̀ pé a fọwọ́ kàn án, torí tí ìyẹn bá yé yín, gbogbo ohun tí mo máa sọ lẹ́yìn ẹ̀ á rọrùn. Lábẹ́ gíláàsì yẹn, ìlà wáyà tín-tín-tín wà níbẹ̀, ojú ò lè rí wọn, àwọn kan lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn kan lọ láti òsì sí ọ̀tún, wọ́n wá dábùú ara wọn bí àwọ̀n ìpẹja. Ṣíìpù kékeré kan ń fi iná díẹ̀ sínú wọn lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó wá ń wò ó ní gbogbo oríta tí wọ́n ti pàdé bóyá iná ibẹ̀ pé. Ìka yín tẹ́ ẹ gbé lé gíláàsì máa ń fa díẹ̀ lọ nínú iná yẹn, ibi tó bá ti dín kù ni fóònù á sọ pé wọ́n ti tẹ̀. Kò mọ ìka, kò mọ èèyàn, kì í sì í ṣe agbára tẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́ ló ń wọ̀n. Ohunkóhun tó bá ti da iná yẹn rú, bóyá òógùn ni o, bóyá omi ni, bóyá iná burúkú tó gba inú ṣájà wá, ìka ni lójú tiẹ̀. Ohunkóhun tó bá sì gbé ìka yín jìnnà sí wáyà yẹn, fóònù ò ní gbọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wò ó. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ About phone, lẹ́yìn náà Software information, ẹ máa rí Build number níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méje tẹ̀léra, á ní kẹ́ ẹ tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín. (Lórí ọ̀pọ̀ fóònù tí kì í ṣe Samsung, inú About phone gan-an ni Build number yẹn máa ń wà.) Ẹ padà sí Settings, ẹ lọ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, Developer options ti yọjú síbẹ̀. Nǹkan pọ̀ nínú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fọwọ́ kan nǹkan míì, Pointer location nìkan ni kẹ́ ẹ tàn. Tẹ́ ẹ bá ti tàn án, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á jáde lókè fóònù, tí wọ́n kọ P, X àti Y sí. P yẹn lẹ máa wò jù. Nọ́ńbà méjì ló ní, èyí àkọ́kọ́ ń sọ iye ìka tí fóònù rò pé ó wà lójú òun báyìí. Tẹ́ ẹ bá gbé ìka kan síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ di `P: 1 / 1`. X ń sọ bí ìka ṣe jìnnà sí ọwọ́ òsì tó, Y ń sọ bó ṣe jìnnà sí òkè tó, ibi tí ìka yín bá sì gbà ni ìlà á máa fà tẹ̀ lé e.

Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ojú fóònù, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí ṣájà, ẹ gbé e sórí tábìlì, kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ sáà máa wò ó. Tí kò bá sí ìlà kankan tó yọ, ó dáa. Ẹ wá gbé ìka kan sí àárín ojú ẹ̀, kẹ́ ẹ dá a dúró síbẹ̀ láì mì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ki ṣájà tẹ́ ẹ máa ń lò lálẹ́ bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tún gbé ìka kan ṣoṣo yẹn sí ojú kan náà.

Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí nígbà tí mo ṣe èyí fún ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Lágeré, torí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ àti tiyín jọra gan-an. Láìsí ṣájà, ìka màmá dúró, P wà ní 1, X wà ní nǹkan bíi 540, kò sún. Bí mo ṣe ki ṣájà wọn bọ̀ ọ́, tí wọ́n tún gbé ìka sí ojú kan náà, P fò lọ sí 3, ó di 4, ó padà sí 2, àmì sì ń yọ lókè ìka màmá àti nísàlẹ̀ ẹ̀, gbogbo wọn wà lórí ìlà kan ṣánṣán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Y ń fò káàkiri, X ò kúrò ní àgbègbè 540 yẹn. Wọ́n gbé ìka kúrò, gbogbo ẹ̀ dákẹ́, P padà sí 0. Wọ́n gbé e sí apá òsì, ìlà àmì yẹn tẹ̀ lé wọn lọ sí apá òsì.

Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀ lára tiyín, ṣájà ni. Ojú fóònù tó ti kú kì í tẹ̀ lé ìka kiri, ibi tó bá ti bàjẹ́ ló máa ń bàjẹ́ sí. Ohun tó fà á ni pé ṣájà tí wọn ò ṣe dáadáa máa ń jẹ́ kí ariwo iná láti inú ògiri kọjá wọ inú fóònù, gbogbo ara fóònù á wá máa lọ sókè sódò pẹ̀lú iná yẹn. Tí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn, torí gbogbo ẹ̀ jọ ń lọ sókè sódò pọ̀ ni. Àmọ́ ẹsẹ̀ yín wà nílẹ̀, ara yín ò bá a mì, bí ìka yín ṣe kan gíláàsì báyìí, ariwo yẹn rí ọ̀nà gba ìka yín kọjá, gbogbo wáyà tó wà lábẹ́ ìka yẹn á dà rú, ìdí nìyẹn tí àmì fi ń tò sórí ìlà kan. (Fóònù míì, ọ̀tún sí òsì ló máa ń tò ó sí, ìyẹn wà lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe to wáyà ẹ̀, ohun kan náà ni.) Ẹ tún wá rò ó wò pé tẹ́ ẹ bá ń ka mẹ́sẹ̀jì oníbàárà lórí WhatsApp, tí àmì kan fò lọ sókè lọ bọ́ sórí àwòrán tẹlifóònù, fóònù ti pe oníbàárà nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó dá ṣájà lẹ́bi pátápátá, ẹ fi okùn kan náà sára pawa báńkì, kẹ́ ẹ tún gbé ìka síbẹ̀. Pawa báńkì ò fara kan ògiri, ariwo yẹn ò lè gbabẹ̀ wá. Tí P bá dúró sí 1 lórí pawa báńkì, tó sì ń fò lórí ṣájà, okùn ò jẹ̀bi, orí ṣájà ló jẹ̀bi. Tẹ́ ẹ bá ń lo jẹ́nì kékeré nílé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí NEPA bá mú iná wá àti nígbà tí jẹ́nì bá wà lórí, torí mo ti rí ṣájà tó ṣe jẹ́jẹ́ lórí iná NEPA tó wá di wèrè lórí jẹ́nì. Ti màmá yẹn, ṣájà míì tí mo yá wọn ló parí ẹ̀, P ò kúrò ní 1 mọ́. Ọ̀rọ̀ kan tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fojú fò ni pé tí ṣájà yẹn bá ń ta yín lọ́wọ́, tàbí tí irin etí fóònù ń ta yín nígbà tó bá wà lórí ẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù lónìí, ẹ má fún ẹlòmíì.

Tó bá jẹ́ pé láìsí ṣájà, láìsí ọwọ́, lórí tábìlì nínú gbígbẹ, ni ìlà ń yọ fúnra ẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Nígbà yẹn ni kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ti wọ omi, bóyá gíláàsì ẹ̀ ti sán níbì kan, kẹ́ ẹ sì wo bátìrì. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ti bátìrì yìí dáadáa torí mo ti ṣàṣìṣe níbẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọmọ Yunifásítì kan gbé fóònù tó ń tẹ ara ẹ̀ wá, mi ò yẹ nǹkan kan wò, mo ní ojú ẹ̀ ni, ó lọ wá owó, mo pààrọ̀ ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó padà wá, ojú tuntun náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa, bátìrì ti wú bíi búrẹ́dì, òun ló ń ti ojú fóònù láti inú, ó sì ti fẹ́ ba tuntun jẹ́. Owó ọmọ yẹn dùn mí títí dòní. Nítorí náà, ẹ gbé fóònù yín sórí tábìlì tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀, tó bá ń jó bí àga tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò dọ́gba, tàbí tẹ́ ẹ bá rí i pé ojú ẹ̀ ti ń ṣí kúrò lára férémù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ pa á, ẹ má ṣáájì í mọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ kó lè padà wọlé, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó máa yọ bátìrì yẹn. Bátìrì tó wú lè gbiná.

Ó kan p àti l. Àwọn méjèèjì, ibi tí wọ́n wà lórí kíbọ́ọ̀dù, etí ọ̀tún ni. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa rò ó pé kì í ṣe lẹ́tà ló ní ìṣòro, etí gíláàsì ni. Pointer location á fi hàn. Ẹ ṣí ibì kan tí nǹkan ò ti pọ̀, kẹ́ ẹ fi ìka fa ìlà láti òsì dé ọ̀tún, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ lókè, kẹ́ ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan títí dé ìsàlẹ̀. Ẹ wo ibi tí ìlà ti ń já. Tó bá jẹ́ pé ní etí ọ̀tún láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni gbogbo ìlà ti ń já, ní ojú kan náà, bí ẹni fi rúlà gé e, ẹ̀rù á bà mí pé wáyà kan ti kú. Tó bá jẹ́ àyè kan péré ló já, tí òkè ẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ẹ̀ ń gbọ́, tàbí tó ń já lẹ́ẹ̀kan tó tún ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, gáàdì ni mo máa kọ́kọ́ mú.

Ọgbọ́n kan tún wà tó dùn mọ́ mi. Ẹ ṣí kíbọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ dojú orí fóònù kọ ọwọ́ ọ̀tún, kí kíbọ́ọ̀dù náà yí pẹ̀lú ẹ̀. Etí ọ̀tún ti di ìsàlẹ̀ báyìí, ibi gbọọrọ tẹ́ ẹ fi ń pààlà ọ̀rọ̀ ló bọ́ síbẹ̀, p àti l ti kúrò níbẹ̀ lọ. Tí p àti l bá ń gbọ́ báyìí, tó wá jẹ́ ibi gbọọrọ yẹn ni ò gbọ́ mọ́, àìsàn yẹn wà lára gíláàsì, kò sí lára áàpù. Tó bá jẹ́ pé p àti l náà ni ò tún gbọ́ níbi tuntun tí wọ́n lọ, áàpù kíbọ́ọ̀dù ló ní ìṣòro, ẹ gbé òmíì sórí fóònù.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ gáàdì yẹn. Gáàdì gíláàsì tí wọ́n máa ń tà kiri, nǹkan bíi 0.33 mílímítà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn nípọn, tí gọ́ọ̀mù bá wà ní gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀, fóònù ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Wàhálà wà lára èyí tó jẹ́ etí nìkan ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù sí, àti èyí tí eruku bọ́ sábẹ́ ẹ̀ tí etí ẹ̀ wá gbé sókè. Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Iná tí fóònù fi ń wá ìka yín máa ń gba inú gíláàsì kọjá dáadáa, ó dáa ju bó ṣe ń gba inú afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó tín-ín-rín bíi bébà lè dí i lọ́wọ́ ju gíláàsì tó nípọn lọ. Ẹ gbé fóònù dání ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kẹ́ ẹ dà á síbìí síbìí, tẹ́ ẹ bá rí àwọ̀ bí epo lórí omi, tàbí ibi tó funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọ̀tún, afẹ́fẹ́ nìyẹn.

Ẹ yọ ọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, ṣùgbọ́n owó gáàdì kò tó owó ojú fóònù. Ẹ fi káàdì ATM tó ti kú gbé igun kan sókè díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa tì í lọ lábẹ́ ẹ̀, ẹ má fà á lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má fi ọ̀bẹ ṣe é. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n da gọ́ọ̀mù olómi sí tí wọ́n wá fi tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò gbẹ, ẹ má yọ ọ́ fúnra yín, ẹ gbé e wá, irú gọ́ọ̀mù yẹn máa ń ṣàn wọ ihò tí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àti ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ tán, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu ojú fóònù, kẹ́ ẹ tún fa àwọn ìlà yẹn. Tí etí ọ̀tún bá ti gbọ́, ẹ ti rí i. Nígbà tẹ́ ẹ bá ra gáàdì míì, ẹ sọ pé èyí tí gọ́ọ̀mù kún ẹ̀yìn ẹ̀ lẹ fẹ́, tó bá tiẹ̀ wá ń ṣòro gbọ́ díẹ̀, ẹ lọ sí Settings, Display, kẹ́ ẹ tan Touch sensitivity. Ó ń jẹ́ kí fóònù fetí sílẹ̀ dáadáa sí i. Ṣùgbọ́n tó bá ti wà ní títàn báyìí tẹ́ ẹ sì ti yọ gáàdì, ẹ pa á, torí fóònù tó ń fetí sílẹ̀ jù á tún máa gbọ́ òógùn àti àtẹ́lẹwọ́ yín.

Ọ̀nà kan kù tí fóònù fi lè má gbọ́, tí gíláàsì ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ ibì kan, tí ìlà fà níbẹ̀ dáadáa, tí P di 1, ṣùgbọ́n tí áàpù ò ṣe nǹkan kan, gíláàsì ti gbọ́ o, ẹni tó yẹ kó jíṣẹ́ ni ò jẹ́ ẹ. Áàpù tó ń mú ojú fóònù ṣókùnkùn lálẹ́ ni mo rí jù níbẹ̀. Láti Android 12, wọn ò jẹ́ kí títẹ̀ gba ara áàpù míì tó bo ojú fóònù ṣíṣú kọjá mọ́, ẹ á máa tẹ̀, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan. Àwọn míì ti tan TalkBack láìmọ̀, torí tí wọ́n bá di bọ́tìnnì ìró méjèèjì mú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó lè tan ara ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan á kàn máa ka nǹkan jáde ni, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń ṣí i. Ẹ tún wo inú Accessibility, ibi Interaction and dexterity, bóyá Ignore repeated touches wà ní títàn. Tẹ́ ẹ bá fura sí áàpù àmọ́ tẹ́ ẹ ò mọ èwo, ẹ tẹ bọ́tìnnì tẹ́ ẹ fi ń pa fóònù, nígbà tí Power off bá jáde, ẹ di Power off yẹn mú títí Safe mode á fi yọ. Inú ibẹ̀, gbogbo áàpù tẹ́ ẹ gbé sórí ẹ̀ fúnra yín ò ní ṣiṣẹ́. Tí ara fóònù bá balẹ̀ níbẹ̀, áàpù ni, ẹ máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí èyí tẹ́ ẹ gbé sí kẹ́yìn.

Tẹ́ ẹ bá ní ẹni tó mọ lápútọ́ọ̀pù lò, ó lè fi okùn so fóònù mọ́ ọn, kó yọ lápútọ́ọ̀pù kúrò lára iná, kó tan USB debugging, kó wá tẹ èyí:

```
adb shell getevent -lt
```

Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan fóònù. Tí ìlà tó ní ABS_MT_POSITION_X bá ń sáré jáde, gíláàsì ló ń sọ pé wọ́n tẹ òun. Tí fóònù bá ń ṣe ohun tó wù ú tí irú ìlà yẹn ò jáde rárá, áàpù kan ló ń darí ẹ̀, ẹ yáa tètè wá a rí kí nǹkan owó tó wọ̀ ọ́.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo èyí, ẹ kó àwòrán àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà yín pamọ́ síbòmíì, torí fóònù tó ń tẹ ara ẹ̀ lè máa tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí kò tọ̀nà títí tó fi máa ti ara ẹ̀ pa. Tí ojú ẹ̀ bá ti le débi tẹ́ ẹ ò lè tẹ nǹkan kan, okùn OTG àti máòsì lápútọ́ọ̀pù ni, ẹ ki okùn náà bọ ìdí fóònù, ọfà kékeré á jáde, ẹ fi òun kó ẹrù yín.

Tó bá wá jẹ́ pé láìsí gáàdì, láìsí ṣájà, nínú Safe mode, ìlà ṣì ń já lójú kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, nígbà náà ni ẹni Mọdákẹ́kẹ́ yẹn jàre, tàbí ó kù díẹ̀ kó jàre, torí wáyà tó so ojú mọ́ inú lè ti kàn ṣí lẹ́nu ibi tí wọ́n so ó mọ́, ṣíìpù náà sì lè jẹ́ orí bọ́ọ̀dù ló wà. iPhone 6 Plus tí Apple ṣètò àtúnṣe fún ní 2016 torí ojú ẹ̀ tí kì í gbọ́ ìka, orí bọ́ọ̀dù ni ṣíìpù tiẹ̀ wà, ẹ pààrọ̀ ojú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó lè má gbọ́. Nítorí náà, ẹ bẹ ẹni tó bá máa ṣe é pé kó kọ́kọ́ tún wáyà yẹn kì bọ̀ ọ́. Tí ìyẹn ò bá ṣe é, kó so ojú tuntun mọ́ ọn láì tíì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹ tan Pointer location níwájú ẹ̀, kẹ́ ẹ fa ìlà yín láti òkè dé ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ p, kẹ́ ẹ tẹ l, kẹ́ ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ gbé ìka kan sí àárín. Ìgbà tí P bá dúró sí 1 ni kó tó mú gọ́ọ̀mù.